Ìdí Tí Wọ́n Fi Ń Jókòó Sábẹ́ Igi: Aṣọ, Bọ́ọ̀lù àti Ọmọbìnrin Kátíríẹ̀mù

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nílùú Kétu ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá, wákàtí méjì lọ́sẹ̀. Kíláàsì kátíríẹ̀mù mi ní ọmọ 52, obìnrin jẹ́ 24 nínú wọn. Lọ́dún méjì sẹ́yìn gbogbo wọn ló ń sáré. Ní báyìí, tá a bá ti gbé bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ jáde, bí obìnrin mẹ́wàá á ti lọ jókòó sábẹ́ igi. Wọ́n á ní inú ń run àwọn, tàbí àwọn gbàgbé aṣọ. Ṣé kí n yà wọ́n kúrò lára ọkùnrin ni, àbí aṣọ ni kí n tún ṣe? Mi ò fẹ́ máa fi máàkì dẹ́rù bà wọ́n."

Ìdáhùn: Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìyàsọ́tọ̀ sílẹ̀ ná, aṣọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Òun ló yá jù láti tún ṣe, òun náà ló sì sábà máa ń fara pa mọ́ sẹ́yìn "inú ń run mí." Yíyà wọ́n sọ́tọ̀ máa wúlò fún yín, àmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré ni.

Kẹ́ ẹ tó ná fránkì kan, ẹ mú ìwé kan, kẹ́ ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ nípa gbogbo ọmọ tó bá jókòó: irú eré tẹ́ ẹ ṣe lọ́jọ́ náà, ohun tó sọ pé òun fi jókòó, àti ohun tó wọ̀ wá. Nǹkan oṣù ọmọbìnrin ọdún 13 sí 15 sábà máa ń padà wá láàárín ọjọ́ 21 sí 45. Tí ọmọ kan bá wá ń sọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé inú ń run òun, kì í ṣe pé ó ń purọ́ dandan. Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní bi í síwájú sí i ló ń sọ, pàápàá tí tíṣà rẹ̀ bá jẹ́ ọkùnrin. Ó ti mọ̀ pé tóun bá ti dárúkọ inú, ọ̀gá á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní "ó dáa, lọ jókòó."

Ìwé yín ló máa sọ èyí tí ẹnu wọn ò lè sọ. Àwọn tó ń jókòó lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sáré tàbí tẹ́ ẹ bá fò, àmọ́ tí wọ́n ń dìde lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń ju bọ́ọ̀lù lójú kan, ọmú tàbí aṣọ ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Àwọn tó jẹ́ pé ọjọ́ tí ọkùnrin àti obìnrin bá jọ gbá bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n ń jókòó, ó ti sú wọn láti máa sáré lẹ́yìn bọ́ọ̀lù tí kì í kàn wọ́n ni. Ẹni tó ń jókòó nígbà gbogbo, tàbí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, ẹ ní kí àwọn òbí rẹ̀ mú un lọ sílé ìwòsàn. Ó lè jẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀, ikọ́ fée tàbí fòníkú-fọ̀ladìde, aṣọ kọ́ ló sì máa wo ìyẹn sàn.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, ẹ bẹ obìnrin kan nínú àwọn olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì ilé-ìwé kó pín ìwé péńpé fún àwọn 24 náà, láìkọ orúkọ sí i, kí wọ́n fi èsì ìbéèrè kan ṣoṣo sí i: kí ló máa jẹ́ kó rọrùn fún ọ láti ṣe eré lọ́jọ́ eré? Gbogbo wọn ni kó kọ nǹkan, kódà kó jẹ́ "kò sí", kó má bàa hàn pé ẹni tó ń kọ̀wé ló níṣòro. Ẹ má ka ìwé náà sókè ní kíláàsì. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní bọ́ bàtà ọ̀hún lójú ọjà.

Ní ti aṣọ, ẹ wo èyí tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń lò: tiríkó funfun àti ṣòkòtò penpe tó mọ sí ìdajì itan. Lára ọmọ ọdún 11 kò sí wàhálà ńbẹ̀. Lára ọmọ ọdún 14, tiríkó funfun tó ti rin fún òógùn ń fi àwọ̀ kọ́mú hàn, ṣòkòtò aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ń fi ẹ̀jẹ̀ hàn, èyí tó sì kúrú ń ká sókè bó bá ti tẹ̀ láti ṣa bọ́ọ̀lù. Ilẹ̀ pupa wa ní Kétu tún wá ṣe ti ẹ̀: ẹni tó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan, àbàwọ́n náà máa wà nídìí rẹ̀ títí ilé-ìwé á fi jáde, gbogbo ẹni tó bá sì rí i ló máa rò pé nǹkan mìíràn ni. Ohun tí àwọn ọmọ yìí ń sá fún rèé. Kì í ṣe tiwọn nìkan o: lọ́dún 2023, ikọ̀ obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ yí ṣòkòtò funfun wọn padà sí búlúù nítorí nǹkan oṣù yìí kan náà, lọ́dún yẹn náà sì ni Wimbledon, ìdíje tẹníìsì tó jẹ́ pé funfun nìkan ni wọ́n ń wọ̀ níbẹ̀, gbà kí àwọn obìnrin wọ pátá aláwọ̀ dúdú sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé ò pọ̀. Àwọ̀ kan tó ṣú, búlúù dúdú tàbí pupa ràkọ̀ràkọ̀, fún tòkè tìsàlẹ̀. Nínú àwọ̀ yẹn, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú èyí tó bá wù ú: ṣòkòtò tó mọ sí orúnkún tàbí èyí tó gùn dé kókósẹ̀, ẹ̀wù alápá péńpé tàbí alápá gígùn. Níwọ̀n ìgbà tí àwọ̀ bá ti bára mu, yunifọ́ọ̀mù ni. Gbogbo kíláàsì, tọkùnrin tobìnrin, ni kẹ́ ẹ ṣe é fún. Tó bá jẹ́ obìnrin nìkan ló pààrọ̀ aṣọ, gbogbo ilé-ìwé á mọ ìdí ẹ̀, àpárá á sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ṣòkòtò náà dáadáa, torí ibẹ̀ ni aránṣọ ti sábà máa ń bà á jẹ́. Aṣọ tó fẹ̀ tó mítà kan àbọ̀, mítà kan rẹ̀ tó fún ṣòkòtò orúnkún ọmọ kátíríẹ̀mù, ó sì máa ń ṣẹ́ kù. Ẹ wá aṣọ tí wọ́n fi òwú àti pọlísítà hun pọ̀: òwú nìkan ń mu òógùn kì í sì í gbẹ bọ̀rọ̀, náílọ́ọ̀nù nìkan ń mú ara gbóná. Kí etí ṣòkòtò dúró ní ìka méjì sí mẹ́ta sókè orúnkún. Ní àárín itan, ẹ ní kí aránṣọ fi ègé aṣọ onígun mẹ́rin kan sí i, tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10. Ègé kékeré yẹn ni ò ní jẹ́ kó ya nígbà tí ọmọ bá na ẹsẹ̀, òun náà ni ò ní jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ara. Ìdí rọ́bà ni kí wọ́n ṣe, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, kí wọ́n sì gé rọ́bà náà kéré sí ìbàdí díẹ̀: ìbàdí 70, kí rọ́bà jẹ́ bí 63, kí okùn sì wà nínú rẹ̀ fún dídè. Àpò kékeré kan nínú, níbi ìdí rọ́bà lẹ́yìn, máa gba páàdì kan láìyọ síta.

Ẹ rán ẹyọ kan ṣoṣo kẹ́ ẹ fi wò kẹ́ ẹ tó rán ogójì. Kí ọmọbìnrin kan wọ̀ ọ́ níwájú olùkọ́ obìnrin, kó lósòó, kó gbé orúnkún dé ìbàdí, kó tẹ̀ síwájú fọwọ́ kan ilẹ̀. Tó bá ní láti fọwọ́ fà á sísàlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn, ẹ dá a padà fún aránṣọ. Ọmọ tó bá ń fi ọwọ́ kan fa aṣọ, ọwọ́ kan ló kù fún bọ́ọ̀lù.

Ọ̀rọ̀ kọ́mú kì í ṣe èyí tí tíṣà ọkùnrin máa dá sọ, ẹ gbé e fún olùkọ́ obìnrin yẹn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kẹ́ ẹ mọ bó ṣe rí. Kò sí iṣan líle nínú ọmú tó lè dì í mú, awọ ara àti àwọn okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ ló gbé e ró. Nígbà tí ọmọ bá ń sáré, ó ń lọ sókè sódò, sọ́tùn-ún sósì àti síwá sẹ́yìn, ó sì lè dun ẹni tí ọmú rẹ̀ kò tóbi pàápàá. Kọ́mú tó dára fún eré, bẹ́líìtì abẹ́ ọmú rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́, kì í ṣe okùn èjìká. Ìka méjì ni kó lè wọ abẹ́ bẹ́líìtì náà. Tí ọmọ bá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè tí bẹ́líìtì bá tẹ̀ lé e lọ, ó ti tóbi jù. Kó fò lẹ́ẹ̀mẹwàá níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ń wò ó, kó sì gbọ́ ohun tí ara rẹ̀ máa sọ. Ọmọ tí kò bá rówó rà á lè wọ síńgílẹ́ẹ̀tì tó fún un dáadáa lé orí kọ́mú tó ń wọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀já tàbí gèlè di àyà, torí pé kì í jẹ́ kí àyà gbòòrò láti mí, ọmọ náà á sì jókòó lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún.

Fún àwọn Mùsùlùmí inú kíláàsì yín, ẹ má fi híjáàbù ṣe ẹjọ́. Òfin bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àgbáyé ti fàyè gbà á láti 2014, ti básíkẹ́ẹ̀tì láti 2017. Ohun tí òfin bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ń béèrè bọ́gbọ́n mu fún eré ilé-ìwé náà: kó lẹ̀ mọ́ orí, kó má so mọ́ ẹ̀wù, kí etí rẹ̀ má sì yọ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi aṣọ tó ń nà rán, tí wọ́n ń ki orí bọ̀, ló dára jù. Píìnì kò gbọdọ̀ wọ pápá.

Ibi ìpààrọ̀ aṣọ tún wà. Bí ilé-ìwé ò bá ní yàrá kankan, okùn méjì àti àwọn ìró àlòkù lẹ́yìn kíláàsì ti tó, àmọ́ èyí tó rọrùn jù ni kí wọ́n wọ ṣòkòtò eré sábẹ́ kakí láti ilé lọ́jọ́ eré, kí ó jẹ́ kakí nìkan ni wọ́n máa bọ́. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀ lẹ́yìn eré pẹ̀lú omi garawa kan. Ọmọ tó mọ̀ pé òun máa wọ kíláàsì ìṣirò pẹ̀lú òógùn ní abíyá, tí ọmọkùnrin kan sì máa jókòó tì í, ti pinnu láti àárọ̀ pé inú á run òun.

Ó wá kan bọ́ọ̀lù. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù yín wò ná. Bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ ní oríṣi mẹ́ta: nọ́ńbà 3, tí àyíká rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 58 sí 60, ti àgbà ọkùnrin ni. Nọ́ńbà 2, tó jẹ́ 54 sí 56, ni ti àgbà obìnrin àti ti ọmọkùnrin ọdún 12 sí 16. Nọ́ńbà 1, tó jẹ́ 50 sí 52, wà fún ọmọbìnrin tí kò tíì pé 14. Ohun tó sábà máa ń wà nínú àpò ilé-ìwé ni nọ́ńbà 3, torí pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ rà, ó sì lágbára. Kò tọ́ sí ọmọ kankan nínú kíláàsì yín, ọkùnrin tàbí obìnrin. Ẹ ní kí ọmọ fi ọwọ́ kan di bọ́ọ̀lù mú, kó dojú àtẹ́lẹwọ́ kọlẹ̀, kí ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Tó bá já bọ́, ọwọ́ rẹ̀ ò kápá rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè ju bọ́ọ̀lù jìnnà, á máa jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn yòókù á sì ní kò mọ̀ ọ́n gbá. Tí owó nọ́ńbà 2 kò bá tíì sí, ẹ tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ kúrò nínú èyí tó wà níbẹ̀ títí ìka á fi lè wọ̀ ọ́ díẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ lo bọ́ọ̀lù àkísà fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká pín àwọn ọmọ 52 yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Pápá bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ gùn ní mítà 40, ó sì fẹ̀ ní 20. Ẹ fi eérú tàbí okùn gé e sí mẹ́ta ní ìbú, ẹ máa rí pápá kékeré mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 20 sí bíi 13. Eré tí wọ́n máa ṣe níbẹ̀ kò ní góòlù, kò sì ní gólì: mẹ́rin sí mẹ́rin, ẹ ti jẹ àmì kan nígbà tí ẹnì kan nínú yín bá gba bọ́ọ̀lù mú lẹ́yìn ìlà ìkẹyìn àwọn ọ̀tá. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré lẹni tó mú bọ́ọ̀lù lè gbé, kò gbọ́dọ̀ lù ú mọ́lẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ dì í mú ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àárín ọ̀nà ni kí wọ́n ti gbà á. A yọ lílù-mọ́lẹ̀ kúrò nítorí pé òun ni ọmọkùnrin méjì fi ń gbá odindi eré láàárín ara wọn.

Ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì: obìnrin 24 di ẹgbẹ́ mẹ́fà oní-mẹ́rin-mẹ́rin, gbogbo wọn bá pápá mẹ́ta náà dọ́gba láìsí ẹni tó jókòó. Ọkùnrin 28 wà níbi fífò sínú yanrìn ní ẹ̀gbẹ́ pápá, níbi tẹ́ ẹ ti ń rí wọn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40, wọ́n pààrọ̀. Iṣẹ́ tí ìyàsọ́tọ̀ yìí ń ṣe ni pé ó ń fún ọmọ tí kò tíì mọ bọ́ọ̀lù gbà láyè láti gba á lọ́pọ̀ ìgbà kó tó di pé ẹnì kan ń wò ó. Nítorí náà, ẹ wo ẹni tó ń wòran. Tí pápá yín bá kọjú sí títì, tí àwọn ọlọ́kadà sẹ́mìjáànì ń dúró tì í tí wọ́n ń súfèé, ẹ ò tíì ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Ẹ lọ lo ẹ̀yìn kíláàsì, kódà tí ilẹ̀ ibẹ̀ ò bá tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀.

Ìyàsọ́tọ̀ náà ní àbùkù tirẹ̀. Láàárín obìnrin nìkan náà, ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ wà, wọ́n sì lè fi ẹlòmíì sílẹ̀ bí àwọn ọkùnrin ṣe ń fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ pín ẹgbẹ́, ẹ má ṣe fi balógun méjì síwájú kí wọ́n máa yan èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹni tó bá kẹ́yìn á rántí ẹ̀ ju gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ́ ọ lọ. Ọmọbìnrin tó ti mọ bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀ náà máa ń rí ọ̀sẹ̀ méjì yìí bí ìjìyà. Ẹ jẹ́ kó lọ bá àwọn tó tó o gbá tó bá béèrè. Èyí tó wá burú jù ni kí ọ̀sẹ̀ méjì di ọdún kan. Àwọn ọkùnrin á gbà pé tiwọn ni eré gidi, obìnrin náà á gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin, ẹ gbàgbé ọkùnrin àti obìnrin, ẹ fi ìmọ̀ pín wọn. Kí méjì-méjì dúró ní mítà márùn-ún síra wọn, kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù síra wọn lẹ́ẹ̀ogún, kí wọ́n ka iye ìgbà tó já bọ́. Ẹni tó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju ìgbà márùn-ún lọ wà ní apá kan, àwọn tó kù ní apá kejì. Ó máa yà yín lẹ́nu, á sì ya àwọn ọmọkùnrin kan náà lẹ́nu, irú ẹni tó máa wà ní apá ibo.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún àti ìkẹfà ni ìdàpọ̀ gidi. Obìnrin méjì àti ọkùnrin méjì nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: ẹgbẹ́ 12 nìyẹn, ó gba ọmọ 48. Ọkùnrin mẹ́rin tó ṣẹ́ kù, tí ẹ ó máa pààrọ̀, mẹ́ta á fọn fèrè ní pápá kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan á mú aago. Ẹgbẹ́ mẹ́fà gbá, ẹgbẹ́ mẹ́fà tó ń sinmi ń ka bọ́ọ̀lù: ọmọ kan gbájú mọ́ ẹnì kan, á fa ìlà kan sínú ìwé nígbàkígbà tí bọ́ọ̀lù bá kan ọwọ́ ẹni náà, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ká ní ẹgbẹ́ kan mú 22, 17, 6 àti 3 wá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan ì bá jẹ́ 12. Ìlànà tí mo máa ń dábàá ni pé ẹnikẹ́ni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò tó ìdajì ìpín yẹn, ìyẹn mẹ́fà, kò tíì ṣeré. Ẹni tó ní mẹ́ta wà lórí pápá lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ igi ló wà. Ẹ má bínú sí àwọn ọmọkùnrin náà, òfin eré ni kẹ́ ẹ yí. Ọ̀pọ̀ tíṣà á sọ pé àmì tí obìnrin bá jẹ máa di méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é: ó ń kéde pé obìnrin ò lágbára, ọjọ́ kejì ni ọkùnrin á sì ti ní kó lọ dúró sẹ́yìn ìlà kó máa retí. Èyí tó ní kí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ kan gbogbo ọwọ́ kí wọ́n tó jẹ àmì náà ní àlébù: wọ́n á sọ ọ́ sí i, á dá a padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ẹni ń san owó orí. Òfin tó ń ṣiṣẹ́ ni èyí: má dá bọ́ọ̀lù padà fún ẹni tó fún ẹ. Òfin kan yẹn ń fọ́ ìsọkiri ẹni méjì, ó sì kan gbogbo ènìyàn láìdárúkọ obìnrin. Tí iye ò bá tíì gòkè, ẹ dín fífẹ̀ pápá kù sí mítà mẹ́wàá, kí bọ́ọ̀lù má baà jìnnà jù fún ọwọ́ ẹnikẹ́ni, kẹ́ ẹ sì pín ẹni tó máa ṣọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ wọn.

Ó wá ku ọkàn ọmọ fúnra rẹ̀. Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá, kọ ọ́ lọ́dún 1977 pé orísun tó lágbára jù fún ìgbàgbọ́ pé "mo lè ṣe é" ni kéèyàn ti ṣe é rí. Ọ̀rọ̀ ìwúrí kò lè gba ipò ìyẹn. Nítorí náà ẹ ṣètò ohun tó lè ṣe. Ẹ fi èédú fa òbìrí kan sára ògiri, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60, kó ga tó àyà. Ẹ fa ìlà ní mítà mẹ́rin, mẹ́fà àti mẹ́jọ. Ọmọ ló máa yan ìlà tirẹ̀, á ju bọ́ọ̀lù mẹ́wàá. Bó bá kan òbìrí ní ìgbà méje tàbí jù bẹ́ẹ̀, kó lọ sẹ́yìn sí ìlà tó kàn. Bó bá kéré sí mẹ́rin, kó bọ̀ síwájú. Ó máa kọ iye rẹ̀ sínú káàdì tirẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní kà á sókè. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí tíṣà kọ orúkọ gbogbo wọn sójú pátákó láti ẹni kìíní dé ẹni ìkẹyìn. Àwọn mẹ́ta tó wà lókè kò nílò ẹ̀, àwọn mẹ́wàá tó wà nísàlẹ̀ á padà sábẹ́ igi.

Bákan náà ni eré sísá. Yíká pápá yín jẹ́ mítà 120. Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́fà, kí oníkálukú lọ níwọ̀n agbára rẹ̀, kó sáré kó rìn, kó ka iye ìgbà tó yí i. Bó bá jẹ́ mẹ́fà lónìí, tó di mẹ́fà àbọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mítà 60 ló fi lé e, ẹ sì lè sọ nọ́ńbà náà fún un. Ọ̀rọ̀ ìwúrí tó ṣeé gbà gbọ́ nìyẹn. "O gbìyànjú" tẹ́ ẹ sọ fún gbogbo wọn kò kan ẹnikẹ́ni. "Ṣe bí ọkùnrin!" tó máa ń jáde lẹ́nu wa wẹ́rẹ́ tún burú jù, torí pé ó ń sọ fún ọmọbìnrin pé bóun bá ṣe dáadáa, òun kọ́ ló ṣe é. Ẹ lè sọ fún wọn pé Noélie Yarigo, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tiwa, gba ipò kẹta láyé ní mítà 800 abẹ́ òrùlé ní Glasgow lọ́dún 2024. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fa ọmọ kátíríẹ̀mù dìde jù ni ọmọbìnrin tùrùásíẹ̀mù tí wọ́n jọ ń gba ọ̀nà kan náà wá sílé-ìwé, tó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ pe méjì nínú wọn wá kí wọ́n fọn fèrè fún yín lọ́sẹ̀ kìíní.

Tí ọmọ bá wá sọ lọ́jọ́ kan pé inú ń run òun, ẹ má bi í ní ìdí, ẹ má sì ní kó lọ jókòó. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà mẹ́ta wà tí gbogbo kíláàsì mọ̀, tọkùnrin tobìnrin: kó gbá eré náà, kó rìn yí pápá ká, tàbí kó ka bọ́ọ̀lù. Ìka kan, méjì tàbí mẹ́ta tó bá nà ló fi ń yan. Ẹni tó yan ìka mẹ́ta nígbà méjì lẹ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀, olùkọ́ obìnrin á bá a sọ̀rọ̀. Bí páàdì rẹ̀ bá ń kún láàárín wákàtí kan, bí ó bá ń dákú, tàbí bí ìrora ń dá a dúró sílé lóṣooṣù, ilé ìwòsàn ni o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ìdárayá mọ́.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, ẹ tún ìwé àkọ́kọ́ yẹn mú, ẹ fi iye bọ́ọ̀lù tí wọ́n kà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí àwọn tó ń jókòó bá ti bọ́ láti mẹ́wàá sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, aṣọ àti òfin eré ti ṣe ìwọ̀n tiwọn. Àwọn tó kù, ohun tó ń ṣe ọ̀kan yàtọ̀ sí ti ìkejì. Kí olùkọ́ obìnrin bá wọn jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò tíì pààrọ̀.